Bí ẹ ó ṣe tún ìdáhùn kéèsì ìṣòwò tí wọ́n ní ó jẹ́ gbogboogbò kọ

Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣòwò tàbí ìṣirò owó yóò ti pàdé irú ìbéèrè tí à ń pè ní kéèsì. Wọ́n á kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ kan sí ojú ewé mélòó kan, wọ́n á fi àtẹ owó àti lẹ́tà kan tàbí méjì tì í lẹ́yìn, wọ́n á sì ní kí ẹ gba ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà nímọ̀ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ojú ewé mẹ́rin tó kún fún òtítọ́, síbẹ̀ ìwé á padà dé pẹ̀lú máàkì tí kò tó ìdajì, wọ́n á sì ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: “Gbogboogbò ni. Kò kan ilé-iṣẹ́ yìí.”

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń rò pé àṣìṣe èdè tàbí àìgùn ìdáhùn ni wọ́n ń bá wọn wí, wọ́n á sì lọ kọ́ àwọn àtẹ ìmọ̀ mìíràn kún èyí tí wọ́n ti mọ̀. Ìyẹn kò wo àrùn náà sàn, nítorí ibi tí máàkì ti bọ́ kì í ṣe ibi ìmọ̀. Nínú ìdánwò ìṣòwò onípele A ti Cambridge, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín máàkì sí: mímọ ẹ̀kọ́, lílo ẹ̀kọ́ náà sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀, títúpalẹ̀ ọ̀ràn, àti ṣíṣe ìdájọ́. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kéèsì ti sọ máàkì ọ̀nà kejì nù pátápátá, ìtúpalẹ̀ àti ìdájọ́ rẹ̀ kò sì ní lè lọ jìnnà, nítorí kò sí ohun tí wọ́n fẹsẹ̀ tì. Bákan náà ni nínú ìwé àṣekágbá ACCA lórí ìdarí ilé-iṣẹ́, níbi tí 20 nínú 100 máàkì ti wà fún ìwà àti òye ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ti gidi, tí òye ọjà àti àìtètè gba ohun gbogbo gbọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ìdáhùn tó lè bá ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí mu kò lè fi irú òye bẹ́ẹ̀ hàn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti mú kéèsì kan ṣoṣo, kí n fi ìdáhùn gbogboogbò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ sí i hàn yín, kí n sì tún un kọ láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Èmi ni mo hun kéèsì náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń tò ó nínú ìdánwò ni mo ṣe tò ó.

Kéèsì náà

Ìpínrọ̀ 1: Alhájà kan dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 18 sẹ́yìn. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà, ń bá a bójú tó ọ́fíìsì.

Ìpínrọ̀ 2: Búrẹ́dì 4,000 ni wọ́n ń tà lójúmọ́, ₦1,200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin alágbàtà ló ń wá kó gbogbo rẹ̀ ní ìdájí, wọ́n sì máa ń san owó kí wọ́n tó gbé e.

Ìpínrọ̀ 3: Nígbà tí oníṣirò owó rẹ̀ dábàá ẹ̀yáwó báńkì lọ́dún tó kọjá, Alhájà dáhùn pé òun kò ní gba owó èlé, bó ti wù kó kéré tó.

Ìpínrọ̀ 4: Láti ọdún tó kọjá, ẹni tó ń tà wọ́n ní fúláwà kò ta àwìn mọ́.

Ìpínrọ̀ 5: Ilé búrẹ́dì tuntun kan ṣí ní òpópónà kejì sí tiwọn ní oṣù tó kọjá, ó sì ń wá alágbàtà.

Àtẹ owó: Èlò búrẹ́dì kan, láti orí fúláwà dé orí ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e àti dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń yan án, jẹ́ ₦900. Ìnáwó ojoojúmọ́ tí kì í yí padà, bí owó oṣù, owó ilé àti ọkọ̀, jẹ́ ₦1,100,000. Owó tó wà ní báńkì jẹ́ ₦24,000,000. Lábẹ́ àtẹ náà, ní lẹ́tà kéékèèké, wọ́n kọ ọ́ pé búrẹ́dì tí ààrò lè yan lójúmọ́ kò lè ju 5,000 lọ.

Àfikún: Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọ̀wọ́ ilé ìtajà ńlá kan. Wọ́n fẹ́ máa ra búrẹ́dì 2,000 lójúmọ́ ní ₦1,050. Wọn yóò máa san owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn 60 ọjọ́, wọn yóò sì máa dá èyí tí kò bá tà padà láìsan owó rẹ̀.

Ìbéèrè: Gba Alhájà nímọ̀ràn bóyá kí ó gba ohun tí ilé ìtajà náà fi lọ̀ ọ́. (20 máàkì)

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń kọ

“Gbígba oníbàárà ńlá yóò mú kí ọjà ilé-iṣẹ́ náà gbòòrò, yóò sì mú kí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ríra èlò lọ́pọ̀ yóò dín iye owó tó ń lọ sórí ọjà kọ̀ọ̀kan kù. Àmọ́, gbígbára lé oníbàárà kan ṣoṣo léwu, títa àwìn sì lè dí ìṣàn owó lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ náà lè yá owó ní báńkì láti fi dí àlàfo yìí, kí ó dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì polówó ọjà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ní ìparí, mo gbà wọ́n nímọ̀ràn láti gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra.”

Kò sí irọ́ kan gbòógì nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lọ sí kíláàsì, ó sì fetí sí olùkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé máàkì márùn-ún tàbí mẹ́fà ni èmi yóò fún un nínú 20, tí ọwọ́ mi bá là.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dán gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò

Ẹ mú ìwé tí wọ́n dá padà fún yín, kí ẹ sì ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Kánò ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí gbólóhùn náà bá ṣì jẹ́ òtítọ́, ẹ fa ìlà sí i nísàlẹ̀. Nínú ìdáhùn òkè yẹn, gbogbo gbólóhùn ni yóò gba ìlà, títí kan èyí tó sọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó báńkì. Èyí kò tilẹ̀ lè dúró níbi tí a kọ ọ́ sí, nítorí pé ìpínrọ̀ 3 ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Ẹ kíyè sí i pé fífi orúkọ ilé-iṣẹ́ kún gbólóhùn kò gbà á lọ́wọ́ ìlà yìí. “Gbígbára lé oníbàárà kan ṣoṣo léwu fún ilé búrẹ́dì Alhájà” ṣì jẹ́ gbólóhùn gbogboogbò. Àwọn tó ń máàkì mọ àrékérekè yìí dáadáa, bí wọ́n sì ṣe mọ èkejì rẹ̀ náà nìyẹn: kí akẹ́kọ̀ọ́ da ọ̀rọ̀ kéèsì kọ padà, kí ó ní “Alhájà ń ta búrẹ́dì 4,000 lójúmọ́, ọdún 18 ni ó ti ń ṣe é”, kí ó wá kọjá lọ. Wọ́n ti mọ ìyẹn, àwọn ni wọ́n kọ ọ́. Òtítọ́ inú kéèsì kò tíì di lílò àfi ìgbà tó bá yí ohun tí ẹ fẹ́ sọ padà. Ìbéèrè tí ẹ ó máa bi ara yín ni pé: ká ní òdìkejì ohun tí wọ́n kọ yìí ni wọ́n kọ, ǹjẹ́ ìmọ̀ràn mi yóò yàtọ̀? Bí kò bá ní yàtọ̀, ẹ kò tíì lò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ìbéèrè ṣáájú ìtàn, kí ẹ sì ka ìtàn fún ohun tó ń dí ọ̀nà

Ìbéèrè yìí ní ìpinnu kan ṣoṣo nínú: kí ó gbà á, àbí kí ó má gbà á. Alhájà ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀, báńkì tàbí ilé ìtajà kọ́. Tí ẹ bá ti mọ èyí kí ẹ tó ṣí ojú ewé ìtàn, ẹ ó máa kà á bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá ni àwọn òtítọ́ tó ń dí ọ̀nà, àwọn tó ń sọ pé “èyí kò ṣeé ṣe” tàbí “kò lè ju báyìí lọ.” Ní ọ̀pọ̀ kéèsì, mẹ́ta sí márùn-ún ni irú wọn, àwọn náà ni wọ́n sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú máàkì dání. Níhìn-ín, wọ́n jẹ́ mẹ́rin: ààrò tí kò lè yan ju 5,000 lọ, Alhájà tí kò gba owó èlé, fúláwà tí wọn kò ta láwìn mọ́, àti owó báńkì tí kò ju ₦24,000,000 lọ. Ẹ wo ibi tí wọ́n fi ti ààrò sí, lábẹ́ àtẹ, ní lẹ́tà kéékèèké. Kò ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò ìbéèrè máa ń fi ohun tó wúwo jù pamọ́ sí ibi tí ẹni tó ń kánjú kò ní wò, nítorí náà àlàyé ìsàlẹ̀ àtẹ, ọjọ́ orí lẹ́tà, àti gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú àfikún ni kí ẹ kọ́kọ́ kà lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í sì ṣe gbogbo òtítọ́ ni ẹ ó lò. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí àkọ́bí Alhájà kọ́ kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ìpinnu yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fà á wọlé, tó ní kí ọmọ náà ṣe ìkànnì ayélujára fún búrẹ́dì, kàn ń wá ọ̀nà láti lo ohun gbogbo ni, ìyẹn náà sì máa ń hàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ so òtítọ́ méjì pọ̀

Òtítọ́ kan ṣoṣo kì í sábà sọ ohun tó jinlẹ̀. Ibi tí méjì tí wọ́n kọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti pàdé ni ìtúpalẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìlà pín bébà tí ẹ fi ń ṣètò ìdáhùn sí mẹ́ta: ẹ kọ òtítọ́ kan sí apá òsì pẹ̀lú nọ́ḿbà ìpínrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ èyí tó bá a pàdé sí àárín, kí ẹ sì kọ ohun tí ó yọrí sí sí apá ọ̀tún.

Ẹ mú búrẹ́dì 4,000 tí wọ́n ń tà nísinsìnyí pẹ̀lú 5,000 tí ààrò lè yan. Àyè 1,000 ló ṣẹ́ kù. Ilé ìtajà ń béèrè 2,000. Ó yọrí sí pé láti fún wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́, Alhájà ní láti gba búrẹ́dì 1,000 lọ́wọ́ àwọn alágbàtà tó ń san owó lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá mú àwọn alágbàtà yẹn pẹ̀lú ìpínrọ̀ 5: ilé búrẹ́dì tuntun wà ní òpópónà kejì tó ń wá irú wọn gan-an. Obìnrin tó bá dé ní ìdájí tí kò rí búrẹ́dì kó kò ní padà sílé lọ́wọ́ òfo, òpópónà kejì ni yóò gbà lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ó má padà wá mọ́ kódà lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá ti wà.

Ẹ mú fúláwà tí wọ́n ń fi owó rà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú 60 ọjọ́ tí ilé ìtajà fẹ́ máa jẹ owó. Owó yóò máa jáde lónìí fún ohun tí owó rẹ̀ kò ní wọlé fún oṣù méjì. Ẹni tó kọ “títa àwìn lè dí ìṣàn owó lọ́wọ́” mọ èyí, àmọ́ kò sọ bí yóò ti dí i tó, kò sì sọ ọjọ́ tí yóò dí i. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni yóò sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ṣírò rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ní kí ẹ ṣírò

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí wọ́n máa ń fò jù. Ìbéèrè kò sọ pé “ṣírò”, akẹ́kọ̀ọ́ á sì gbà pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fẹ́. Bí wọ́n bá fún yín ní iye owó, wọ́n fẹ́ kí ẹ lò ó. Ìṣirò mẹ́ta péré ni kéèsì yìí ń fẹ́, kò sì sí èyí tó ju ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín lọ.

Àkọ́kọ́ ni èrè. Lórí búrẹ́dì tí alágbàtà rà, ₦300 ló ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó èlò, lórí ti ilé ìtajà, ₦150 ni. Bí Alhájà bá fún ilé ìtajà ní 2,000, yóò rí ₦300,000 lójúmọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì 1,000 tó gbà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà ti pàdánù ₦300 lọ́nà 1,000, ìyẹn ₦300,000. Èrè tó fi kún tẹ́lẹ̀ jẹ́ òdo. Gbogbo wàhálà yẹn, kò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Gbólóhùn “ọjà yóò gbòòrò” tó wà nínú ìdáhùn àkọ́kọ́ ti ṣubú lulẹ̀ níbí, ìdí sì ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò ka lẹ́tà kéékèèké.

Èkejì ni owó ọwọ́. Nísinsìnyí, búrẹ́dì 4,000 ń fi ₦1,200,000 sílẹ̀ lẹ́yìn owó èlò. Bí a bá yọ ìnáwó ojoojúmọ́ ₦1,100,000, ₦100,000 ló ń wọ àpò lójúmọ́. Bí ó bá gba gbogbo ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, búrẹ́dì 3,000 péré ni yóò máa mú owó wọlé lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ₦3,600,000. Owó tí yóò máa jáde ni èlò 5,000, tó jẹ́ ₦4,500,000, àti ìnáwó ₦1,100,000, àpapọ̀ ₦5,600,000. Àlàfo ₦2,000,000 ni lójúmọ́. Owó báńkì rẹ̀ yóò tán ní ọjọ́ kejìlá, nígbà tí sísan owó àkọ́kọ́ ṣì ku nǹkan bí oṣù kan àbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ó bá fún wọn ní 1,000 péré, tí kò sì fọwọ́ kan ti àwọn alágbàtà. Èrè yóò fi ₦150,000 gòkè lójúmọ́, èyí dára. Ṣùgbọ́n èlò 1,000 yẹn jẹ́ ₦900,000, a sì ní ₦100,000 tó ń wọlé láti fi dín in kù, nítorí náà ₦800,000 ni yóò máa jáde lójúmọ́. Owó yóò tán ní ọjọ́ 30. Bí sísan bá wá jẹ́ lẹ́yìn 14 ọjọ́ dípò 60, ohun tí yóò jáde kí owó àkọ́kọ́ tó dé jẹ́ ₦11,200,000, ₦12,800,000 yóò sì ṣì wà ní báńkì. Níbí ni ìmọ̀ràn tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Ẹ̀kẹta ni búrẹ́dì tí wọn yóò dá padà. Èlò búrẹ́dì méje jẹ́ ₦6,300, owó mẹ́fà tó tà jẹ́ ₦6,300. Bí wọ́n bá ń dá ẹyọ kan padà nínú méje, Alhájà kò jèrè ohunkóhun, bó bá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń pàdánù. Kéèsì kò sọ iye tí wọ́n máa ń dá padà. Ẹ má ṣe dá iye kan sílẹ̀ láti orí ara yín, kí ẹ má sì tìtorí pé kò sí níbẹ̀ fò ó dá. Ohun tí ẹ ó kọ ni iye tó jẹ́ ààlà, ìyẹn ọ̀kan nínú méje, kí ẹ sì sọ pé kí Alhájà béèrè àkọsílẹ̀ bí búrẹ́dì ṣe ń tà ní àwọn ilé ìtajà wọn kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Irú èyí ni ìwé ìdánwò ACCA ń wá nígbà tó bá sọ̀rọ̀ àìtètè gba ohun gbogbo gbọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fa igi lé ìmọ̀ràn tí kéèsì ti dí lọ́nà

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn kankan, ẹ to gbogbo ohun tó wá sí yín lọ́kàn sí ẹ̀gbẹ́ bébà, kí ẹ sì fi àwọn òtítọ́ tó ń dí ọ̀nà dán wọn wò. Ẹ̀yáwó báńkì: ìpínrọ̀ 3 ti fa igi lé e. Kí wọ́n gba àwìn lọ́wọ́ olùta fúláwà: ìpínrọ̀ 4. Kí wọ́n ra ààrò kejì: wọn kò fún wa ní iye rẹ̀, owó ọwọ́ kò sì tó gbé iṣẹ́ tuntun náà fúnra rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ààrò. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ àti ìpolówó: kò sí òtítọ́ kan nínú kéèsì tó béèrè wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ.

Mo mọ̀ pé ó máa ń dun akẹ́kọ̀ọ́ láti fa igi lé ohun tó fi oṣù mẹ́ta há sórí. Àtẹ tó ń to agbára, àìlera, àǹfààní àti ewu ilé-iṣẹ́ ni mo rí pé wọ́n fẹ́ràn jù. Mi ò lòdì sí i pé kí ẹ fi ṣètò èrò lórí bébà ìṣètò yín, àmọ́ kí ẹ ya á sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìdáhùn ìbéèrè bí èyí jẹ́ ìfàkókòṣòfò, nítorí Alhájà kò béèrè irú ilé-iṣẹ́ tí òun ní lọ́wọ́ yín.

Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa igi tán máa ń kéré, ìyẹn sì ni ó yẹ kó jẹ́. Níhìn-ín, iye búrẹ́dì, ọjọ́ sísan, àti bí wọn yóò ṣe máa dá a padà ni ohun mẹ́ta tí Alhájà lè bá wọn dúnàádúrà lé lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ ìdájọ́ ṣáájú, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e

Báyìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn tuntun náà ṣe lè lọ:

“Alhájà, ẹ má ṣe gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Búrẹ́dì 2,000 ju àyè 1,000 tó kù nínú ààrò yín lọ, nítorí náà ₦300,000 tí ẹ ó jèrè lọ́dọ̀ wọn ni ẹ ó pàdánù lọ́dọ̀ àwọn alágbàtà yín, àwọn wọ̀nyí sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ, ní òpópónà kejì. Nítorí pé olùta fúláwà ń gba owó lójú ẹsẹ̀ tí ilé ìtajà sì fẹ́ san lẹ́yìn 60 ọjọ́, ₦24,000,000 tó wà ní báńkì yóò tán ní ọjọ́ 12, ẹ kò sì fẹ́ gba owó èlé láti fi dí i. Ẹ fi búrẹ́dì 1,000 lọ̀ wọ́n, kí wọ́n máa san lẹ́yìn 14 ọjọ́. Èyí yóò mú ₦100,000 tó ń wọ àpò yín lójúmọ́ di ₦250,000, ohun tí ẹ ó sì fi sílẹ̀ kí owó wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé kò ní ju ₦11,200,000 lọ. Ìṣirò yìí dúró lórí pé wọn kò dá búrẹ́dì padà. Bí ẹyọ kan nínú méje bá ń padà, èrè náà ti parẹ́, nítorí náà ẹ má fọwọ́ sí i láìsí àdéhùn lórí iye tí wọ́n lè dá padà.”

Ẹ tún un fi omi inú ọ̀rá dán wò. Kò sí gbólóhùn kan tó lè bọ́ sí Kánò. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni òun náà. Ohun tí yóò tẹ̀ lé e nínú ìwé ìdáhùn ni àwọn ìṣirò lẹ́sẹẹsẹ, lẹ́yìn náà ohun tí Alhájà yóò ṣe bí ilé ìtajà bá kọ̀ láti kúrò lórí 60 ọjọ́. Bí àpẹẹrẹ, búrẹ́dì 500 lórí 60 ọjọ́ yóò mú ₦350,000 jáde lójúmọ́, ìyẹn ₦21,000,000 kí owó tó dé. ₦3,000,000 tí yóò ṣẹ́ kù kò tó ra èlò ọjọ́ kan, fún àfikún èrè ₦75,000 péré lójúmọ́. Èmi yóò ní kí ó kọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè ní kí ó gbà á kí ó lè fi wọ ọjà tuntun, wọn yóò sì fún un ní máàkì bí ó bá dárúkọ ₦3,000,000 yẹn tó sì sọ ìdí tí kò fi bà á lẹ́rù.

Níbi tí wọ́n ti fún yín ní ìtàn náà ṣáájú

Nínú ìwé kéèsì ti ICAN, àti nínú ti ACCA tí mo mẹ́nu bà lókè, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní apá kan ìtàn náà ṣáájú ọjọ́ ìdánwò. Ti ACCA máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ewu mìíràn wà nínú èyí. Àwọn kíláàsì ìgbaradì á jókòó ti ìtàn náà, wọ́n á sì pèsè ìdáhùn sílẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé inú gbọ̀ngán, á kọ ohun tó ti há sórí, ó kún fún òtítọ́ nípa ilé-iṣẹ́ náà, síbẹ̀ wọ́n á tún kọ “gbogboogbò” sí i, nítorí kò fọwọ́ kan ìwé tuntun tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà.

Ká ní kéèsì Alhájà ni, ìpínrọ̀ márùn-ún àti àtẹ owó ni wọn ì bá fún yín ṣáájú, lẹ́tà ilé ìtajà ni yóò dé lọ́jọ́ ìdánwò. Ohun tó yẹ kí ẹ mú wọ gbọ̀ngán ni àwọn òtítọ́ mẹ́rin tó ń dí ọ̀nà àti àwọn ìṣirò ìpìlẹ̀, pé ₦300 ló ń ṣẹ́ kù lórí búrẹ́dì kan, pé ₦100,000 ló ń wọlé lójúmọ́, pé àyè 1,000 ló wà. Ẹ fi ìdájọ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi ka lẹ́tà. Bí ìwé tuntun bá sì tako èyí tí wọ́n ti fún yín tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn alágbàtà kọ̀wé pé àwọn ti ń ra àwìn láti oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ sọ ìtakora náà síta nínú ìdáhùn, kí ẹ sì fi hàn bí ìṣirò owó ọwọ́ yóò ṣe burú sí i.

Ní ti àkókò, fún ìbéèrè tí wọ́n fún ní wákàtí kan, mo máa ń ní kí wọ́n lo ìṣẹ́jú 20 fún kíkà, síso òtítọ́ pọ̀ àti ìṣirò, kí bírò tó kan ìwé ìdáhùn. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n nígbà tí wọ́n bá rí i pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti wà ní ojú ewé kejì. Ẹ fi ìwé àtijọ́ kan dánra wò nílé ní ọ̀nà yìí, kí ẹ sì ka iye gbólóhùn tó gba ìlà nísàlẹ̀ nínú ti tẹ́lẹ̀ àti nínú ti tuntun.